Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tó Ń Pe Oníbàárà Wá sí Láìfù

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ẹni tó ń ta aṣọ òkè láti Ìsẹ́yìn lórí láìfù ni mo fẹ́ fi òwe yìí bá sọ̀rọ̀. Fídíò kékeré tó ń gbé síta ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú láìfù, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Láìfù ló máa ta aṣọ. Fídíò kàn ń lọ pe ẹni tó máa rà á wá ni. Àmọ́ ààbọ̀ wo ló yẹ ká sọ, ààbọ̀ wo ló sì yẹ ká fi pamọ́ de ọjọ́ náà? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Àwọn kan á kó aṣọ jọ gègèrè, wọ́n á gbé fóònù kọjá lórí gbogbo rẹ̀, wọ́n á fi orin sí i, wọ́n á ní, "Ẹ máa retí wa lórí láìfù o." Ẹni tó wò ó rí aṣọ ogún lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì rí ẹyọ kan tó máa dúró sí i lọ́kàn. Àwọn mìíràn á na aṣọ kan sílẹ̀ tán pátá, wọ́n á sọ iye owó rẹ̀, wọ́n á sọ àwọ̀ tó kù nílé. Oníbàárà á ná an níbi kọ́mẹ́ǹtì, ó rà á ni o, kò rà á ni o, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Kí ló tún fẹ́ wá ṣe lórí láìfù?

Ní tèmi, ìbéèrè ni ààbọ̀ tó yẹ kí fídíò sọ, kí ìdáhùn dúró de láìfù. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń ta aṣọ òfì, á sọ fún yín pé ìbéèrè àwọn oníbàárà kì í yí padà. Ṣé gèlè yìí kò ní wúwo jù lórí? Ṣé àlàárì yìí máa bá léèsì mi mu? Ṣé sányán yìí, òwú tí kòkòrò ṣe ni wọ́n fi hun ún ni àbí òwú ọjà lásán? Ṣé aró ẹtù yìí kò ní yọ́ sí mi lára? Ìbéèrè kan péré ni kí fídíò kan gbé. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ẹni tí ìbéèrè yẹn ń jẹ lọ́kàn á sì fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹtù ṣe àpẹẹrẹ. Aláró ni ẹtù, ó dúdú mọ́ búlúù, ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ sì máa ń wà lára rẹ̀. Ká ní láìfù máa wáyé ní Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹwàá oṣù karùn-ún, agogo 8:30 alẹ́, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí ti kirun alẹ́ tán. Fídíò náà kò gbọ́dọ̀ ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kí fóònù wà ní òró, nítorí bí àwọn èèyàn ṣe ń di fóònù mú nìyẹn. Ẹ má fi ìkíni bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń pinnu bóyá ẹni tó ń wò á dúró tàbí á fi ìka gbé e kọjá, nítorí náà, ìró òfì ni kó kọ́kọ́ gbọ́, kó sì rí ọ̀kọ̀ bó ṣe ń gba àárín òwú kọjá, kí fóònù sún mọ́ ọn débi tí yóò fi rí òwú lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí ọwọ́ kan tẹ́ ẹtù tó ti parí sórí tábìlì, kí ọwọ́ kejì ti áńkáṣíìfù funfun bọ inú omi, kó fún un, kó gbé e wá sẹ́bàá aṣọ náà. Ohùn á wá sọ pé: "Wọ́n ní aró ẹtù máa ń yọ́. Lálẹ́ Sọ́ńdè, a máa fi áńkáṣíìfù yìí nu ún lójú yín." Kí fídíò dúró níbẹ̀, kí áńkáṣíìfù tó kan aṣọ.

Kí ẹ tó gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ kọ́kọ́ nu aṣọ náà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀. Aró ìbílẹ̀ lè yọ́ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, òwú tí wọ́n ti pa láró nílé iṣẹ́ lè má yọ́ rárá. Tó bá yọ́, ẹ sọ ọ́ lórí láìfù pé ó yọ́, kí ẹ sì sọ bí wọ́n ṣe máa tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá ta ọjà erùpẹ̀ á gba owó òkúta, láìfù sì le ju ọjà lọ ní ti pé gbogbo àwọn tó ń wò ló máa rí erùpẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí fídíò bá ṣèlérí, ẹ ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ láìfù. Àwọn kan gbà pé kéèyàn tọ́jú rẹ̀ di ìparí kí èrò má bàa tú. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Dátà lẹni tó wá ń jó, ó sì lójú ohun tó wá wò. Tó bá rí i, tó gbà á gbọ́, ìgbà yẹn gan-an ló máa béèrè iye owó. Nítorí pé wọn kì í dé pa pọ̀, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí láìfù bá dé ìdajì. Aṣọ tó wà nínú fídíò yẹn náà gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Tí ẹnì kan bá yà wá sí ìsọ̀ ní Sátidé tó fẹ́ rà á, ẹ hun òmíràn fún un tàbí kí ẹ ní kó dúró. Ẹni tó tìtorí aṣọ kan wá, tí wọ́n wá sọ fún un pé wọ́n ti tà á lánàá, kò ní gba fídíò yín tó ń bọ̀ gbọ́ mọ́. Tó bá sì jẹ́ pé ẹyọ kan ló kù, ẹ sọ ọ́ nínú fídíò pé ẹyọ kan ló kù.

Ti owó ńkọ́? Ẹ má fi gbogbo rẹ̀ pamọ́. Ẹ sọ ibi tí owó ti bẹ̀rẹ̀, "láti iye báyìí lọ sókè", kí ẹni tí àpò rẹ̀ kò gbé e má bàa wá jókòó lásán kó sì bínú lọ. Iye tí aṣọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ gan-an lè dúró de láìfù.

Ohun kan wà tó ń ba òwò aṣọ òkè jẹ́ lórí láìfù tí kì í tètè hàn: iná. Ojúmọmọ ni wọ́n sábà máa ń ya fídíò, ní ẹ̀gbẹ́ òfì, níbi tí oòrùn ti jẹ́ kí búlúù ẹtù hàn kedere. Tó bá di alẹ́ lábẹ́ gílóòbù pupa rẹ́súrẹ́sú, ẹtù yẹn á dúdú kirikiri, sányán á pọ́n, òwú tó ń dán á sì máa kọ mànà lójú fóònù. Oníbàárà á ní kì í ṣe aṣọ tí òun rí nìyí, kò sì ní jẹ̀bi. Ẹ ya ibi tí aṣọ ti hàn gbangba nínú fídíò lábẹ́ iná kan náà tí ẹ máa lò lálẹ́, kí iná ọ̀hún jẹ́ funfun, kí ẹ sì tẹ́ ohun funfun kan sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ. Tí funfun yẹn bá ń pọ́n lójú fóònù, àwọ̀ aṣọ náà ti yí nìyẹn. Ẹni tí kò bá ní iná tó dáa, kó ṣe láìfù ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ọgbọ́n kí fídíò béèrè kí láìfù sì dáhùn yìí kan ẹni tó ń ta èlùbọ́ ní Ṣakí náà. Kí fídíò rẹ̀ fi èlùbọ́ tó kúnná hàn àti omi tó ń hó, kó dúró kí èlùbọ́ tó wọ inú omi. Lórí láìfù ni kó ti rò ó, kí wọ́n rí i bóyá ó fà, bóyá ó ní kókó, bóyá ó dúdú bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ àti wákàtí tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ má kọ "lónìí" tàbí "lọ́la" sórí fídíò. TikTok lè gbé fídíò ọjọ́ Tọ́sìdeè dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní ọjọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, "ọ̀la" rẹ̀ á sì ti di irọ́. Ẹ kọ ọjọ́, oṣù àti wákàtí, kí ẹ fi kún un pé ti Nàìjíríà ni. Ní oṣù karùn-ún, agogo 8:30 alẹ́ wa ni 8:30 alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jẹ́ 3:30 ọ̀sán ní Niú Yọ́ọ̀kì. Nígbà òtútù wọn, ẹ yọ wákàtí kan sí i ní ibi méjèèjì. Fídíò àkọ́kọ́ lè jáde ní Tọ́sìdeè, èyí tó gbé ìbéèrè mìíràn, bíi ti ìwúwo gèlè, ní Sátidé. Sítátọ́ọ̀sì WhatsApp kì í lò ju wákàtí 24 lọ, nítorí náà, àárọ̀ Sọ́ńdè ni kí tibẹ̀ jáde. Kí ọ̀kan kúkúrú tún jáde lórí TikTok ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí àkókò. Tó bá bá ẹnì kan pàdé nígbà tí ẹ ti wà lórí láìfù, àmì LIVE á hàn lára àwòrán yín, ó lè tibẹ̀ wọlé tààrà. TikTok sábà máa ń béèrè ọmọlẹ́yìn 1,000 kó tó gbà kéèyàn ṣe láìfù. Ẹni tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, kó má pe èrò síbẹ̀.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òkè-Ògùn kò dọ́gba. Fídíò kékeré lè dúró di òru kó tó gòkè, láìfù kò lè dúró. Kí ẹ tó kéde wákàtí kankan, ẹ lọ sí ibi tí ẹ máa lò gan-an, ní wákàtí yẹn gan-an, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹ fi fóònù pe ọ̀rẹ́ kan ní fídíò fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí àwòrán yín bá ń dákú lójú rẹ̀, ẹ yí ibi padà tàbí kí ẹ yí wákàtí padà, kí ẹ sì gbìyànjú ìlà nẹ́tíwọ́ọ̀kì mìíràn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ fídíò tó ṣiṣẹ́? Iye èèyàn tó wò ó kò sọ púpọ̀. Ẹ fetí sí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè tí wọ́n bá wọlé. Ẹni tó ní "ẹ jẹ́ ká rí áńkáṣíìfù yẹn", fídíò ẹtù ló mú un wá. Ẹni tó béèrè bí gèlè ṣe wúwo tó, ti Sátidé ló rí. Tí ẹgbẹ̀rún èèyàn bá wo fídíò kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì dárúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìbéèrè ibẹ̀ kì í ṣe ti oníbàárà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí láìfù ṣègbé. Láti oṣù kejì ọdún 2025, Facebook kì í tọ́jú láìfù ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ kó tó pa á rẹ́, nítorí náà, ẹ tètè wà á sórí fóònù. Ibi tí ẹnì kan ti béèrè ohun tí ẹ kò ráyè fi hàn lọ́jọ́ náà ni kí ẹ gé jáde, òun ni fídíò tó máa pe èrò sí láìfù tó ń bọ̀. Fídíò àtijọ́ tó ṣì ń rìn káàkiri, ẹ kọ ọjọ́ tuntun sí kọ́mẹ́ǹtì rẹ̀, kí ẹ sì kàn án mọ́ òkè níbẹ̀.