Bí A Ṣe Ń Kọ Àkọsílẹ̀ Ìdánimọ̀ fún Ètò Fídíò

Bí obìnrin oníṣòwò kan bá kó ogún àpò jọ sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí ó so ẹnu gbogbo wọn, tí kò sì fi àmì kankan sí wọn lára, báwo ni yóò ṣe mọ èyí tí èlùbọ́ wà nínú rẹ̀ àti èyí tí ó jẹ́ gàrí? Yóò máa tú wọn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Oníbàárà kò sì ní dúró dè é.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò fídíò rí. Lóde òní, ní Ẹdẹ àti ní ìlú gbogbo, àwọn ènìyàn a máa jókòó ti àgbà kan, wọn a gbé fóònù síwájú rẹ̀, wọn a máa bi í ní ìbéèrè fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, wọn a fi fídíò náà sórí YouTube. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní pọ́díkáàsì onífídíò. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó ń wá nǹkan kì í fi ohùn wá a. Ọ̀rọ̀ ni ó ń tẹ̀ sórí fóònù. Lóòótọ́, ẹ̀rọ a máa gbìyànjú láti kọ ohun tí ó gbọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣi Yorùbá gbọ́, pàápàá orúkọ ènìyàn. Nítorí náà ni a ṣe ní láti kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ mọ́ ètò náà lára. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é ní mẹtadátà. Àwa yóò pè é ní àkọsílẹ̀ ìdánimọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú ètò kan ṣoṣo ṣe àpẹẹrẹ: ètò tí a bá àgbà onílù obìnrin kan ṣe ní Ẹdẹ lórí ìlù dùndún. Ohun mẹ́ta ni a óò kọ: orúkọ àlejò, kókó ètò, àti díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí àlejò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

1. Orúkọ àlejò

Àwọn kan a kọ "Màmá Onílù," ó tán. Ta ni yóò fi ìyẹn mọ̀ ọ́n ní ogún ọdún sí i? Oyè nìkan kò tó pẹ̀lú. Ẹ wò ó: bí a bá kọ "Tìmì Ẹdẹ" nìkan, Tìmì wo ni? Ọba Adétòyèsè Láoyè ni Tìmì láti 1946 títí di 1975. Òun gan-an mọ ìlù lù dáadáa, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Ọba Tìjání Oyèwùsì ni ó tẹ̀ lé e. Ní 2008, Ọba Muniru Adéṣọlá Lawal gorí oyè. Tìmì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tí ó ń wá ọ̀rọ̀ nípa Láoyè onílù kò ní rí i bí a kò bá kọ orúkọ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ní kíkún, lẹ́yìn náà oyè tàbí iṣẹ́, lẹ́yìn náà ìlú, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ gba ohùn náà sílẹ̀. Kí àlejò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ fún yín kí ó tó lọ. Bí kò bá mọ̀wé kọ, ẹ kọ ọ́ níṣojú rẹ̀, kí ẹ kà á sí i létí. Kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ óò sọ bí a ṣe ń kọ orúkọ olórúkọ.

Kò tán síbẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ kọ orúkọ náà. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ pẹ̀lú àmì, bíi Láoyè. Ẹ tún kọ ọ́ láìsí àmì nísàlẹ̀, bíi Laoye. Ìdí rẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí ń wá nǹkan kì í tẹ àmì sórí fóònù wọn. Ẹ̀rọ kan lè mọ̀ pé ọ̀kan náà ni méjèèjì. Òmíràn lè má mọ̀. Ẹni tí ó bá kọ méjèèjì kò ní máa ṣàníyàn.

2. Kókó ètò

Kókó ni ohun tí ètò náà dá lé lórí. Ẹ má ṣe kọ "Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tó dùn" tàbí "Apá Kẹrin." Kò sí ẹni tí yóò tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń wá ìlù. Ẹ bi ara yín pé: ẹni tí ó nílò ètò yìí, ọ̀rọ̀ wo ni yóò tẹ̀? Yóò tẹ "dundun," tàbí "gudugudu," tàbí orúkọ ìlú.

Orúkọ ìlú wa fúnra rẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Bí a bá yọ àmì kúrò lára Ẹdẹ, ó di "Ede." Bí a bá yọ àmì kúrò lára èdè tí à ń sọ lẹ́nu, "ede" náà ni. Edé tí à ń fi sínú ọbẹ̀ ńkọ́? "Ede" ni òun náà. Ìlú kan sì tún wà ní ilẹ̀ Họ́lándì tí wọ́n ń kọ ní Ede. Ṣé ẹ rí i? Ẹni tí ó tẹ "Ede" nìkan lè bá ara rẹ̀ láàárín ẹ̀kọ́ èdè, ìsọ̀ ẹlẹ́dé, àti àwọn òyìnbó Họ́lándì. Nítorí náà, ẹ má ṣe dá orúkọ ìlú yìí kọ nìkan. Ẹ so ó mọ́ Ọ̀ṣun nígbà gbogbo.

Àkọlé ètò ni a ń kọ sí ibi tí YouTube pè ní `Title`. Kò gbọdọ̀ ju ọgọ́rùn-ún lẹ́tà lọ, àlàfo pẹ̀lú. Ìyókù ni a ń kọ sí `Description`. Ìlà díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni ó máa ń hàn kí ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́ láti rí ìyókù. Nítorí náà, orúkọ àlejò àti kókó ni kí ó ṣíwájú. Kí ìkíni àti ọpẹ́ wà lẹ́yìn.

3. Ọ̀rọ̀ láti ẹnu àlejò

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà jù. Láti inú ètò wákàtí kan, ẹ yan ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí márùn-ún péré. Èyí tí ó dára ni èyí tí ẹni tí kò wo fídíò náà lè kà, kí ó sì yé e. "Bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni" kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ká ní àlejò sọ pé: "Gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù, òun ló ń gbé gbogbo wọn ró." Èyí dára. Orúkọ ìlù méjì wà nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè fi wá a, ó sì fi iṣẹ́ wọn hàn. Ìyáàlù ní ọ̀sán tí onílù ń fún kí ohùn lè lọ sókè sódò bí ohùn ènìyàn. Gúdúgúdú kò ní èyí. Ohùn kan náà ni ó ń mú dání.

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà bí ó ti jáde lẹ́nu. Ẹ má ṣe tún un ṣe kí ó lè dà bí ti ìwé. Bí àlejò bá lo ọ̀rọ̀ àdúgbò tí àwọn ẹlòmíràn kò mọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ìlà tí ó tẹ̀ lé e.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi kí ẹ má gé ọ̀rọ̀ ní ibi tí kò yẹ. Ká ní àlejò wa sọ báyìí: "Wọ́n máa ń ní obìnrin kì í lùlù. Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ìyá mi lùlù, èmi náà sì bá a lù." Akọ̀wé tí ń kánjú lè mú gbólóhùn àkọ́kọ́, kí ó yọ "Wọ́n máa ń ní" kúrò, kí ó wá kọ ọ́ pé: "Obìnrin kì í lùlù." Ó ti parí! Ó ti fi òdì kejì ohun tí ìyá náà sọ sí i lẹ́nu, ó sì fi orúkọ ìyá náà sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní wo fídíò náà rárá. Ohun tí a kọ ni wọn yóò máa tún sọ kiri, títí yóò fi dé etí àwọn ọmọ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ní "ṣùgbọ́n" lẹ́yìn, ẹ kọ "ṣùgbọ́n" náà. Bí kò bá sí àyè, ẹ yan ọ̀rọ̀ mìíràn.

4. Bí gbogbo rẹ̀ ṣe rí

Ẹ wo àkọsílẹ̀ náà ní odindi. Ẹ óò fi orúkọ àlejò tiyín sí ibi tí àmì bíi ìlà wà.

```
Dùndún ní Ẹdẹ, Ọ̀ṣun: iṣẹ́ gúdúgúdú àti obìnrin onílù

Àlejò: ________, onílù dùndún, Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun
Ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀: ________

00:00 Ta ni àlejò wa
04:10 Àwọn ìlù inú dùndún
12:35 Iṣẹ́ gúdúgúdú
21:50 Obìnrin àti ìlù lílù

Ní ìṣẹ́jú 12: "Gúdúgúdú kì í sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù,
òun ló ń gbé gbogbo wọn ró."
Ní ìṣẹ́jú 22: "Wọ́n máa ń ní obìnrin kì í lùlù.
Ṣùgbọ́n nílé tiwa, ìyá mi lùlù, èmi náà sì bá a lù."

Laisi ami: ________, dundun, gudugudu, iyaalu, Ede Osun
```

Àwọn nọ́ńbà àárín yẹn ni ó ń pín fídíò sí orí-orí, kí ẹni tí ó wá gúdúgúdú lè fò lọ síbẹ̀ tààrà. Wọ́n ní òfin tiwọn. Àkọ́kọ́ gbọdọ̀ jẹ́ 00:00. Wọn kò gbọdọ̀ dín sí mẹ́ta. Wọ́n gbọdọ̀ máa lọ síwájú, kí orí kọ̀ọ̀kan má sì dín sí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá. Bí ọ̀kan bá yẹ̀, orí-orí náà kò ní hàn. Nítorí èyí ni a kò ṣe kọ àkókò ọ̀rọ̀ àlejò bíi 12:52, àfi "ìṣẹ́jú 12," kí ó má baà da ètò nọ́ńbà rú.

5. Ẹ dán an wò

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ yá fóònù ẹlòmíràn. Ẹ má lo tiyín, nítorí fóònù yín ti mọ ohun tí ẹ máa ń wò. Ẹ tẹ orúkọ àlejò láìsí àmì, pẹ̀lú "gudugudu." Bí ètò náà bá jáde, iṣẹ́ ti dára. Bí kò bá jáde, ẹ padà lọ yẹ orúkọ wò bóyá lẹ́tà kan ṣì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹ "dundun" nìkan tí ẹ kò rí tiyín, ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Fídíò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wò ni yóò máa ṣíwájú. Àkọsílẹ̀ dáradára kò lè sọ ètò kékeré di ńlá. Ohun tí ó lè ṣe ni pé ẹni tí ó ń wá a gan-an yóò rí i.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó burú nínú kíkọ "Tìmì Ẹdẹ" láìfi orúkọ kún un?
2. Kí ló dé tí a fi ń kọ "Ede Osun" dípò "Ede" nìkan?
3. Ẹ ka ọ̀rọ̀ ìyá onílù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ibo ni kò yẹ kí a gé e, nítorí kí ni?
4. Ẹ mú ìwé àti pẹ́ńsù. Ẹ béèrè iṣẹ́ ọwọ́ àgbà kan nílé yín, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kókó kan, àti ọ̀rọ̀ kan bí ó ti sọ ọ́ gan-an. Ẹ kà á sí i létí. Ṣé ó ní òun ni òun sọ ọ́?