Ẹ Fa Nǹkan Mẹ́ta Yọ Nínú Ìwé Owó Ìlò Ilẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa tòní kì í ṣe ti oúnjẹ adìyẹ tàbí ti omi odò ẹja. Ìwé kan ni mo fẹ́ ká jọ kà: ìwé Owó Ìlò Ilẹ̀ ti Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí gbogbo wa ń pè ní Láǹdì Yúùsì. Nọ́ńbà pọ̀ nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹlòmíì fi máa ń ká a pamọ́ sábẹ́ tìmùtìmù. Bẹ́ẹ̀, bí ó bá ti ń pẹ́ níbẹ̀ ni owó orí rẹ̀ ń gorí.

Kí ẹ tó ṣe nǹkan kan, ẹ béèrè pé ta ló ni ilẹ̀. Ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni gbèsè yìí. Bí ẹ bá yá ilẹ̀ fi dáko, ẹ mú ìwé náà fún onílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbà á, kí ẹ sì ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ti gbà á. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ni ilẹ̀, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí i: IYE, ỌJỌ́, Ẹ̀HÓNÚ. Ohun tí a máa fi sí iwájú wọn nìyí.

IYE. Ẹ má kàn wo iye tó wà nísàlẹ̀ ìwé nìkan. Ẹ wo ohun tí wọ́n ní ilẹ̀ yín wà fún, nítorí ibẹ̀ ni iye ti ń wá. Ìjọba á kọ́kọ́ ṣírò iye tí ilẹ̀ àti ilé orí rẹ̀ tó, á yọ ẹ̀dínwó 40 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, lẹ́yìn náà ni yóò wá bu owó lé èyí tó kù gẹ́gẹ́ bí irú ìlò ilẹ̀ náà. Nínú òfin tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 2020, ilẹ̀ oko ló ní owó tó kéré jù: ₦1 lórí ₦10,000 kọ̀ọ̀kan. Ilé tí onílé fúnra rẹ̀ ń gbé jẹ́ ₦3.94 lórí ₦10,000. Ibi ìtajà àti òwò jẹ́ ₦39.40 lórí ₦10,000. Bí wọ́n bá ṣèèṣì kọ ilẹ̀ oko sí abẹ́ òwò, owó rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po ogójì.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ká sọ pé bàbá kan wà ní Ìsọlọ̀ tó ní púlọ́ọ̀tì kan. Odò ẹja mẹ́rin àti ẹ̀bù ẹ̀fọ́ ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀. Iye tí ìwé gbé lé ilẹ̀ náà jẹ́ ₦20,000,000. Bí a bá yọ ẹ̀dínwó ₦8,000,000, ó ku ₦12,000,000. Nítorí pé àwọn oníbàárà máa ń wá ra ẹja lẹ́nu géètì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi òwò ni, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦47,280. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sí ilẹ̀ oko, ₦1,200 ni ì bá jẹ́. ₦46,080 ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wò ó bóyá gbèsè ọdún tó kọjá wà nínú iye náà. Bí ẹ bá ti san án tẹ́lẹ̀, ẹ wá risíìtì rẹ̀ jáde.

ỌJỌ́. Lọ́jọ́ tí ìwé bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ kọ déètì ọjọ́ náà sára rẹ̀ lójú ẹni tó mú un wá, nítorí láti ọjọ́ náà ni ẹ óò ti máa ka ọjọ́. Bí ẹ kò bá tíì san án lẹ́yìn ọjọ́ 45, wọ́n á fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Bí ó bá kọjá ọjọ́ 75, ó di 20. Bí ó bá kọjá ọjọ́ 105, ó di 30. Tó bá wá ju ọjọ́ 135 lọ, òfin fún ìjọba láyè láti gbé ẹni tí yóò máa bójú tó ilẹ̀ náà sórí rẹ̀ títí gbèsè yóò fi tán.

Bàbá tí a ń sọ yìí gba ìwé tirẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Ọjọ́ 45 pé ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin. Bí ó bá jẹ́ kó kọjá ọjọ́ yẹn, ₦47,280 á di ₦52,008.

Ẹ̀HÓNÚ. Ẹ má fi ẹnu jà pẹ̀lú ọmọ tó mú ìwé wá, òun kọ́ ló ṣírò rẹ̀. Lẹ́tà lẹ ó kọ, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, sí ọ́fíìsì Owó Ìlò Ilẹ̀ ní Ilé Iṣẹ́ Ìṣúná, Àláúsá, Ìkẹjà. Ẹ kọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ilẹ̀ náà, tó wà lórí ìwé, sí òkè lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn:

“Mo gba ìwé yín ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta. Ẹ kọ ilẹ̀ mi sí abẹ́ òwò. Oko ni: odò ẹja mẹ́rin àti ẹ̀fọ́, ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ rán ẹni tó máa wá wò ó, kí ẹ sì tún owó náà ṣírò.”

Ẹ so ẹ̀dà ìwé náà, fọ́tò oko, àti risíìtì oúnjẹ ẹja tàbí irúgbìn mọ́ ọn. Ẹ kọ ọ́ ní méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èyí tí ẹ máa mú bọ̀. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, kò sí ẹ̀rí pé ẹ fẹjọ́ sùn. Ẹ má rò pé lẹ́tà ti dá ọjọ́ dúró o. Níbẹ̀ náà ni kí ẹ ti béèrè iye tí ẹ lè san ná kí owó ìjìyà má baà gorí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ láti tún un ṣe, ìgbìmọ̀ kan wà tí òfin gbé kalẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ irú èyí. Ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wọn àti iye ọjọ́ tí ẹ ní.

Ọ̀rọ̀ kan kù, kí a má baà ṣi ara wa lọ́nà. Ẹni tó ń gbé ilé rẹ̀, tó wá sin adìyẹ díẹ̀ sẹ́yìnkùlé, kò lè ní ilẹ̀ oko ni. Ilé ni yóò jẹ́ lójú òfin. Àmọ́ bí wọ́n bá kọ irú ilé bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ òwò, òun náà lè fi ẹ̀hónú hàn.

Tí owó bá ti tọ́, báńkì ni kí ẹ ti san án, pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ilẹ̀ náà. Ẹ má ka owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́nu géètì. Bébà tí bàbá wa lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀ nìyí:

IYE: ₦47,280. Mo rò pé ₦1,200 ló yẹ.
ỌJỌ́: mo gbà á ní 3 oṣù Kẹta, kò gbọ́dọ̀ kọjá 17 oṣù Kẹrin.
Ẹ̀HÓNÚ: lẹ́tà sí Àláúsá kí ó tó di 10 oṣù Kẹta, kí n gba òǹtẹ̀ bọ̀.

Ẹ wá ìwé tiyín jáde lónìí, kí ẹ kọ ìlà mẹ́ta tiyín. Bí ibì kan bá ta kókó, ẹ mú un dání nígbà tí mo bá tún dé.