Bí A Ti Ń Sọ Síláìdì Di Àwòrán Ojú Fóònù

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí síláìdì tí a ṣe lórí kọ̀ǹpútà, tí a sì fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí kà lójú fóònù. Síláìdì ni ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan tí a ń kọ ọ̀rọ̀ sí nínú PowerPoint. Sítátọ́ọ̀sì ni àwòrán tàbí ọ̀rọ̀ tí a gbé sórí WhatsApp kí àwọn ojúlùmọ̀ wa lè wò ó. Wákàtí 24 péré ni sítátọ́ọ̀sì ń lò kó tó parẹ́. Ẹni tí kò bá rí i kà láàrin àkókò yẹn, ó ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn oníṣòwò ọjà ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ náà. Akọ̀wé ṣe síláìdì kan fún ìpàdé, ó tan án sára ògiri, gbogbo ènìyàn sì rí i kà. Lórí rẹ̀ ni ó kọ ọjọ́ tí àwọn tó yá owó yóò dá a padà sí, àti pé ẹni tó bá pẹ́ yóò san ìtanràn 500 náírà. Nígbà tó délé, ó sọ síláìdì yẹn kan náà di àwòrán, ó gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì nítorí àwọn tí kò wá sí ìpàdé. Ọjọ́ ìsanwó pé, àwọn kan kò yọjú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dé, tàwọn ti owó lọ́wọ́, wọ́n sì bá ìtanràn nílẹ̀.

"Akọ̀wé, ẹ ò sọ ọjọ́ fún wa," ni ìyá aláṣọ kan wí.

"Ẹ má bínú, Mà. Ọjọ́ wà nínú àwòrán tí mo gbé sórí sítátọ́ọ̀sì."

"Níbo ló wà níbẹ̀? Ẹ wá fi hàn mí."

Akọ̀wé ṣí àwòrán náà lórí fóònù rẹ̀. Òun pàápàá ní láti gbé fóònù súnmọ́ ojú kó tó rí ọjọ́ náà kà.

Kí ló fà á? Ìrísí síláìdì ni. Láti ọdún 2013, bí a bá ṣí PowerPoint tí a kò yí nǹkan kan padà, síláìdì tí yóò fún wa a máa fẹ̀ ju bó ti ga lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íńṣì 13.33, gíga rẹ̀ sì jẹ́ íńṣì 7.5. Ara ògiri àti tẹlifísàn ni èyí bá mu. Ṣùgbọ́n fóònù tiwa, lóòró ló ń dúró. Bí síláìdì tó fẹ̀ bá dé ojú fóònù, fóònù yóò sún un kì títí yóò fi gba àárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì ṣófo. Àwòrán náà kì í gbà tó ìdá kan nínú mẹ́ta ojú fóònù. Lẹ́tà tó tóbi lára ògiri ti wá di ẹyin èèrà.

Nítorí náà, kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kan ni kí a ti fún síláìdì ní ìwọ̀n fóònù. Télọ̀ kì í gé aṣọ tán kó tó wá wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́.

Àmọ́ ìwọ̀n wo? A kì í fi íńṣì wọn àwòrán ojú fóònù. Àmì kéékèèké aláwọ̀ ló para pọ̀ di àwòrán, píksẹ́lì ni à ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Fún sítátọ́ọ̀sì, àwòrán tó ní píksẹ́lì 1,080 ní fífẹ̀ àti píksẹ́lì 1,920 ní gíga ló dára. PowerPoint ní tirẹ̀, íńṣì ló ń béèrè lọ́wọ́ wa. Báwo ni a óò ṣe mú àwọn méjèèjì bára mu? Nígbà tí PowerPoint orí Windows bá ń sọ síláìdì di àwòrán, píksẹ́lì 96 ló ń fún íńṣì kọ̀ọ̀kan, àfi bí ẹnì kan bá ti lọ yí i padà nínú kọ̀ǹpútà náà. Ẹ wá bá wa ṣírò rẹ̀. Íńṣì 20 lọ́nà 96 jẹ́ 1,920. Gíga nìyẹn. Íńṣì 11 lọ́nà 96 jẹ́ 1,056. Ìdá kan nínú mẹ́rin íńṣì jẹ́ píksẹ́lì 24. Ẹ pa á pọ̀ mọ́ 1,056, yóò di 1,080. Fífẹ̀ nìyẹn. Íńṣì 11.25 ní fífẹ̀, íńṣì 20 ní gíga: ìwọ̀n tí a ń wá nìyí.

Ẹ ṣí fáìlì tuntun nínú PowerPoint. Ẹ tẹ `Design`, lẹ́yìn náà ẹ tẹ `Slide Size`, kí ẹ sì mú `Custom Slide Size`. Àpótí kékeré kan yóò yọ. Ẹ kọ 11.25 síwájú `Width`, kí ẹ kọ 20 síwájú `Height`, kí ẹ wá tẹ `OK`. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ń fi sẹ̀ǹtímítà wọn nǹkan, 28.575 ni ẹ óò kọ fún fífẹ̀, àti 50.8 fún gíga.

PowerPoint lè béèrè ohun tó yẹ kó ṣe sí àwọn nǹkan tó ti wà lórí síláìdì. Bí ẹ bá mú `Maximize`, yóò jẹ́ kí wọ́n tóbi, ṣùgbọ́n àwọn kan lè yọ kọjá etí síláìdì, ohun tó bá sì yọ kọjá etí kò ní sí nínú àwòrán. Bí ẹ bá mú `Ensure Fit`, ohun gbogbo yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n yóò kéré. Lójú tiwa, ó sàn kí a bẹ̀rẹ̀ lórí síláìdì òfìfo, kí a tún ọ̀rọ̀ kọ, ju kí a máa tún síláìdì ògiri ṣe lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìwọ̀n kan náà ni gbogbo síláìdì inú fáìlì kan ń ní. Bí a bá ń fẹ́ àwòrán onígun mẹ́rin tó dọ́gba fún Facebook tàbí Instagram, fáìlì mìíràn ni a óò ṣí fún un, kí a kọ 11.25 sí fífẹ̀, kí a sì kọ 11.25 sí gíga.

Ó wá kan lẹ́tà. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, nítorí lójú kọ̀ǹpútà ohun gbogbo ló ń dára. Síláìdì wa fẹ̀ tó íńṣì 11.25, ojú fóònù kò sì fẹ̀ ju bí íńṣì 2.8 lọ. Ìyẹn ni pé nígbà tí àwòrán bá dé orí fóònù, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò ṣẹ́kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Lẹ́tà tí a kọ ní ìwọ̀n 24 yóò di 6, agbára káká ni àgbàlagbà fi lè kà á. Lẹ́tà ìwọ̀n 48 yóò di 12, bíi lẹ́tà inú ìwé tó ṣeé kà dáadáa. Nítorí náà a kì í lo ohun tó kéré sí 48, ọjọ́ àti iye owó sì yẹ kó tó 100. Bí ọ̀rọ̀ kò bá gba ibẹ̀ mọ́, ẹ má ṣe dín lẹ́tà kù. Ẹ pín ọ̀rọ̀ náà sí síláìdì méjì.

Ẹ má sì kọ̀wé dé etí. WhatsApp máa ń kọ orúkọ ẹni tó gbé àwòrán náà sí òkè, ó sì ń fi ibi tí a ti ń dáhùn sí ìsàlẹ̀. Àwa máa ń fi íńṣì 2 àti ààbọ̀ sílẹ̀ lókè, a ń fi íńṣì 3 sílẹ̀ nísàlẹ̀, ohunkóhun kì í sì í sí níbẹ̀ bí kò ṣe àwọ̀.

Akọ̀wé wa tún tirẹ̀ ṣe báyìí. Síláìdì ògiri rẹ̀ ní ìlà mẹ́sàn-án, àti orúkọ gbogbo ìgbìmọ̀. Ó yọ orúkọ ìgbìmọ̀ kúrò, torí kò sẹ́ni tó ń wá a. Síláìdì kìíní gba orúkọ ẹgbẹ́, "Ọjọ́ ìdápadà owó yá", àti ọjọ́ náà ní lẹ́tà 120. Síláìdì kejì gba ibi ìsanwó, àkókò, àti ọ̀rọ̀ ìtanràn.

Nígbà tí ó parí, ó tẹ `File`, ó tẹ `Export`, ó mú `Change File Type`, ó sì yan `PNG Portable Network Graphics`. Ó tẹ `Save As`, ó sọ fáìlì lórúkọ, ó sì tẹ `Save`. PowerPoint bi í bóyá síláìdì kan ni tàbí gbogbo wọn. Bí a bá mú `Just This One`, èyí tó wà lójú nìkan ni yóò di àwòrán. Akọ̀wé mú `All Slides`, PowerPoint sì kó àwòrán méjèèjì sínú fódà kan. A ń yan PNG nítorí pé JPEG a máa fi eruku sí etí lẹ́tà. Ní ti fọ́tò ènìyàn, JPEG kò burú.

Kí a tó fi ránṣẹ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi apá ọ̀tún máòsì tẹ àwòrán náà, ẹ mú `Properties`, kí ẹ wo abẹ́ `Details`. Bí ẹ bá rí 1080 àti 1920 níwájú `Dimensions`, ó ti bọ́ sí i. Bí ẹ bá rí 1280 àti 720, síláìdì ògiri lẹ ṣì ń lò.

Láti gbé e dé orí fóònù, ẹ lo okùn tí a fi ń so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí kò bá sí okùn, ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ara yín, ṣùgbọ́n ẹ fi ránṣẹ́ bíi `Document`. Bí a bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp yóò dín in kù. Nígbà tí a bá sì tún gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì, yóò tún un dín kù lẹ́ẹ̀kejì. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn kò ṣeé sá fún. Ìdí mìíràn nìyẹn tí lẹ́tà wa fi gbọ́dọ̀ nípọn.

Àwòrán ní ohun kan tó dára fún èdè wa: àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò lè ṣí kúrò nípò mọ́, fóònù yòówù kí a fi wò ó. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà nínú àwòrán kò ṣeé tẹ̀ láti fi pe ènìyàn, nọ́ńbà báńkì ibẹ̀ kò sì ṣeé fi ọwọ́ mú. Akọ̀wé tún ọjọ́ àti nọ́ńbà náà tẹ̀ sí abẹ́ àwòrán, níbi tí WhatsApp ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀.

ÌDÁNRAWÒ

1. Síláìdì kan fẹ̀ tó íńṣì 10, ó ga tó íńṣì 7.5. Píksẹ́lì mélòó ni àwòrán rẹ̀ yóò ní ní fífẹ̀ àti ní gíga?

2. Lẹ́tà ìwọ̀n 40 wà lórí síláìdì tó fẹ̀ tó íńṣì 11.25. Ìwọ̀n wo ni yóò dà lójú fóònù? Ṣé ìyá àgbà ilé yín lè kà á?

3. Ẹ kọ ìkéde ìpàdé ẹgbẹ́ tiyín sórí síláìdì méjì, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ óò yọ kúrò.