Ṣíṣètò Eré Kátúùnù Láti Ọjọ́ Ìparí Padà Sẹ́yìn

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi eré kátúùnù oníṣẹ́jú mẹ́wàá ránṣẹ́ sí àjọ̀dún fíìmù kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó kọ ìtàn. Ọjọ́ tí àjọ̀dún náà kò ní gba fíìmù mọ́ ni kí ó kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ó sì máa ka ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a fi 28 Oṣù Kejì ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀sẹ̀ 1 tí ó kẹ́yìn jẹ́ ti yíyẹ fíìmù wò àti fífi í ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ 3 tí ó ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ti ohùn àti orin. Kí èyí tó bẹ̀rẹ̀, gígùn ìran kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti dúró gbọnyin, nítorí bí a bá gé díẹ̀ kúrò lẹ́yìn náà, ohùn kò ní bá àwòrán mu mọ́. Ọ̀sẹ̀ 4 tí ó tún ṣáájú jẹ́ ti kíkun àwọ̀ àti síso àwọn ẹ̀dá eré pọ̀ mọ́ àwòrán ẹ̀yìn wọn.

Yíya àwòrán fúnra rẹ̀ ni ó ń jẹ àkókò jù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 600. Bí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bá gba 30, ó ku 570. Bí a bá ń lo àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwòrán 6,840 ni iṣẹ́ náà. Bí ayàwòrán 3 bá wà, tí olúkúlùkù ń parí ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ́sẹ̀, 30 ni wọn yóò máa parí lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 19 sì ni wọn yóò lò. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 lé e fún àìsàn àti àìsí iná.

Ṣáájú èyí, ọ̀sẹ̀ 3 fún ìtàn, 4 fún yíyàwòrán ìtàn ní ìran-ìran, 4 sì fún títo àwòrán wọ̀nyí pọ̀ mọ́ ohùn àdánwò láti rí gígùn eré náà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 40. Nítorí náà, 24 Oṣù Karùn-ún ni iṣẹ́ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí ọ̀sẹ̀ 6 bá ti kọjá lórí ọjọ́ yìí ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ 6 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 180. Kí a gé ìṣẹ́jú mẹ́ta kúrò nínú ìtàn nígbà tí a ń to àwòrán àdánwò, kí ẹnikẹ́ni tó ya ohun tí a óò sọ nù.

Àmì ewu sì máa ń yára hàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 tí a ti ń yàwòrán, ó yẹ kí 120 ti parí. Bí ó bá jẹ́ 80, a jẹ́ pé 20 ni à ń ṣe lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 17 ni ó kù, pẹ̀lú 2 àfikún. 340 péré ni yóò gbà, bẹ́ẹ̀ 490 ni ó kù. Kí a wá ayàwòrán kún un lọ́sẹ̀ náà gan-an, tàbí kí a gé 150 kúrò. Ẹni tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ ohùn dí àlàfo yìí yóò mú fíìmù tí ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n tí kò ṣeé gbọ́, dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́.