Ìkùukùu tí ó ń yí Ọ̀rọ̀ Ìtumọ̀ ká nínú Fíìmù Òru

Ní ọ̀pọ̀ ilé wa ní Àjàó Estate, ọmọ tí a tọ́ dàgbà ní Èkó kò lè gbádùn fíìmù Yorùbá bí kò bá ka ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹ mú Aníkúlápó, fíìmù Kúnlé Afọláyan tí ó jáde lórí Netflix ní 2022. Bí ìran òru bá dé, ìkùukùu funfun a yọ yí àwọn ọ̀rọ̀ náà ká, dúdú a sì di eérú. Bí a bá pa ọ̀rọ̀ náà, ìtàn yóò sọnù mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́.

Àwọn iná kéékèèké ni ó wà lẹ́yìn ojú tẹlifíṣọ̀n wa. Ojú náà ń dí iná wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò lè dí wọn tán. Nítorí náà ni a ṣe pín iná náà sí ìpín-ìpín, kí èyí tí ó wà lẹ́yìn òkùnkùn lè rẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: tẹlifíṣọ̀n íńṣì 55 fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 122, ó sì ga tó 68. Bí ó bá ní ìpín 60, mẹ́wàá ní ìbú àti mẹ́fà ní òró, ìpín kan yóò ga tó sẹ̀ǹtímítà 11. Bí lẹ́tà kò tilẹ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, gbogbo ìpín ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò tàn. Èyí tí ó jò jáde ni ìkùukùu náà.

Kí a tó ṣe ohunkóhun, ẹ dá fíìmù dúró níbi tí ó ṣókùnkùn jù, kí ẹ sì pa ọ̀rọ̀ ìtumọ̀. Bí ìkùukùu bá lọ, ìpín iná ni ó fà á. Bí ó bá dúró sí etí ojú tẹlifíṣọ̀n, iná ni ó ń jò láti ẹ̀gbẹ́, ohun tí a fẹ́ sọ yìí kò sì lè wò ó sàn.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kí a kọ́kọ́ mú. Nínú Netflix, ẹ yan Small àti Drop Shadow. Ẹ yẹra fún Light, nítorí pátákó funfun ni ó ń tẹ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Pátákó dúdú Dark kò dín ìkùukùu kù, nítorí lẹ́tà rẹ̀ ṣì funfun.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá Local Dimming nínú ètò àwòrán, kí ẹ gbé e láti High sí Low. Ẹ má ṣe pa á tán, nítorí gbogbo iná ni yóò tàn, òkùnkùn fíìmù yóò sì di eérú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí Low bá ti ń fa irú èyí, ẹ padà sókè ní ìpele kan.

Ẹ jókòó sí iwájú gan-an, nítorí ìkùukùu máa ń pọ̀ sí i lójú ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Iná kékeré lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n náà a máa dín in kù lójú wa.

Ọ̀pọ̀ fíìmù Yorùbá orí YouTube ni a ti lẹ ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ mọ́ àwòrán. Local Dimming, ìjókòó àti iná ẹ̀yìn nìkan ni ó kù fún irú wọn. Tẹlifíṣọ̀n OLED bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro yìí pátápátá, nítorí tótó kọ̀ọ̀kan lójú rẹ̀ ni ó ń tan iná tirẹ̀.