Ooru Inú Ògiri Amọ̀ àti Bí Ìfò Wa Ṣe Gbọdọ̀ Mọ

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ṣàrẹ́ kò nílò kí n sọ fún yín bí ilé amọ̀ ṣe ń ṣe nínú oṣù Ẹrẹ́nà, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Oòrùn á ti pa ojú ìta ògiri títí tí ọwọ́ ò fi ní lè pẹ́ lára rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá wọ inú yàrá á rí i pé inú ṣì tutù. Alẹ́ ni ooru ọ̀sán máa ń yọ sí inú. Gbogbo èyí lẹ ti mọ̀. Ohun tí a fẹ́ kọ́ nínú orí yìí ni bí a ṣe lè fi ìṣirò mọ ibi tí ooru dé nínú ògiri ní wákàtí kan tàbí méjì, láìdá ihò sí ògiri náà.

Ìṣirò náà kò le. Ìròpọ̀, ìyọkúrò, ìsọdipúpọ̀ àti pínpín ni, ẹ sì ti ń ṣe gbogbo wọn lọ́jà. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín máa ń ṣubú sí. Ibẹ̀ ni màá dúró sí pẹ́, màá sì sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ògiri kan tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 24. Ẹ fa ìlà láti ojú ìta dé ojú inú, kí ẹ sì fi àmì sí i ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà-mẹ́fà: ní 0, ní 6, ní 12, ní 18, ní 24. Ní òwúrọ̀, gbogbo ògiri wà ní dígírì 26. Oòrùn wá gbé ojú ìta dé 42, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ojú inú wà ní 26, kò yí padà. Lóòótọ́, ojú ìta a máa gòkè, a sì máa sọ̀kalẹ̀ bí ọjọ́ ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n a mú un dúró lójú kan kí ọkàn wa má baà pín.

Ooru ń lọ láti ibi tó gbóná sí ibi tó tutù. Nítorí náà àmì kọ̀ọ̀kan ń gbà lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ tó gbóná jù ú, ó sì ń fún aládùúgbò rẹ̀ tó tutù jù ú. Aládùúgbò méjì péré ló ní, ti òsì àti ti ọ̀tún. Joseph Fourier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí ooru ní ọdún 1822, òfin tó wà níbẹ̀ ni a ń tẹ̀ lé. Òfin tirẹ̀ ń sọ nípa gbogbo ojú ibi nínú ògiri àti gbogbo ìṣẹ́jú, láìsí àlàfo. Àwa kò lè ka gbogbo ojú ibi tán. A mú àmì díẹ̀, a sì ń fò láti àkókò kan bọ́ sí òmíràn. Báyìí ni òfin náà ṣe rí lọ́wọ́ wa:

tuntun = ti tẹ́lẹ̀ + ìpín × (òsì + ọ̀tún − 2 × ti tẹ́lẹ̀)

Ìpín yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lónìí. Bí a ṣe ń rí i nìyí:

ìpín = 18 × wákàtí ÷ (àlàfo × àlàfo)

Iye 18 yẹn ń sọ bí ooru ṣe ń yára tàn nínú amọ̀ gbígbẹ, bí a bá fi sẹ̀ǹtímítà wọn àlàfo tí a sì fi wákàtí wọn àkókò. Ó lè dín díẹ̀ tàbí kó lé díẹ̀ bí koríko bá wà nínú amọ̀ tàbí bí ọ̀rinrin bá mú un. Àlàfo ni jíjìnnà àmì kan sí èkejì. Ẹ kíyè sí i dáadáa pé a fi àlàfo sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ fàlà sí abẹ́ rẹ̀ nínú ìwé yín.

Ká fò ní ìlàjì wákàtí. Àlàfo jẹ́ 6, mẹ́fà lọ́nà mẹ́fà jẹ́ 36. Méjìdínlógún lọ́nà ìlàjì jẹ́ 9. Mẹ́sàn-án nínú 36 jẹ́ ìdá mẹ́rin kan, ìyẹn ni ìpín wa.

Lẹ́yìn ìfò kìíní, ní ìlàjì wákàtí, àmì 6 di 30, nítorí 42 àti 26 jẹ́ 68, a yọ 52 kúrò, ó ku 16, ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 4, a fi 4 kún 26. Àwọn yòókù ṣì wà ní 26. Ní wákàtí kan, àmì 6 di 32, àmì 12 di 27. Ní wákàtí kan àbọ̀, wọ́n di 33.25 àti 28, àmì 18 sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó di 26.25. Ní wákàtí méjì, àmì 6 wà ní 34.125, àmì 12 ní 28.875, àmì 18 ní 26.625. Ooru ń wọlé díẹ̀díẹ̀, kò sí àmì tó ṣe ohun tí ojú kò rí rí. Bí a bá fi òfin Fourier tí kò ní àlàfo ṣe é, àmì 6 á wà ní nǹkan bíi 33.7, àmì 12 ní 28.5. A kò jìnnà rárá.

Ibi tí àwọn ènìyàn ń ṣubú sí ti dé báyìí. Akẹ́kọ̀ọ́ á sọ pé, "Bí mo bá mú àwọn àmì súnmọ́ra, ìdáhùn mi á dára sí i." Ó á wá fi àmì sí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta-mẹ́ta, ó á sì fi ìfò rẹ̀ sílẹ̀ ní ìlàjì wákàtí bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ ká bá a ṣe é. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 9, mẹ́sàn-án nínú 9 jẹ́ 1. Ìpín rẹ̀ ti di odindi 1.

Ní ìlàjì wákàtí, àmì 3 di 42, ó gbóná bí ojú ìta gan-an. Ní wákàtí kan, àmì 3 padà sí 26, bí ẹni pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, nígbà tí ojú ìta kò kúrò ní 42. Àmì 6 ló wá di 42. Ní wákàtí kan àbọ̀, àmì 3 di 58, àmì 6 di 10, àmì 9 di 42. Ní wákàtí méjì, àmì 3 wà ní −6, àmì 6 ní 90, àmì 9 ní −6.

Ẹ wò ó. Ojú kan náà, sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà láti ìta. Wákàtí kan náà, méjì. Ìṣirò àkọ́kọ́ sọ pé 34, ìkejì sọ pé 90. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 90 yẹn ni ibi tó tutù ju yìnyín lọ wà, nínú ògiri tí oòrùn Ṣàrẹ́ ń pa. Kò sì sí àṣìṣe kankan nínú ìròpọ̀ rẹ̀. Ẹ tún un ṣe nígbà mẹ́wàá, 90 lẹ máa bá. Àwọn kíláàsì tó ṣáájú máa ń pa á rẹ́, wọ́n á tún un rò, wọ́n á tún pa á rẹ́, nítorí wọ́n rò pé ọwọ́ àwọn ló ṣì í. Ìfò ló gùn jù.

Kí ló fà á? Ẹ padà sínú òfin wa, kí ẹ ka ohun tí àmì kan ṣe pẹ̀lú ooru tirẹ̀. Nínú ìfò kan, ó fi ìpín kan fún òsì, ó fi ìpín kan fún ọ̀tún, ó sì fi èyí tó kù pamọ́. Èyí tó kù ni 1 − 2 × ìpín. Bí ìpín bá jẹ́ ìdá mẹ́rin kan, ó fún méjèèjì ní ìdajì, ó fi ìdajì pamọ́. Ó dára. Bí ìpín bá jẹ́ 1, ńṣe ló dà bí ẹni tó ní náírà kan, tó fi náírà kan fún ti òsì, tó tún fi náírà kan fún ti ọ̀tún. Ó ti jẹ gbèsè náírà kan. Èyí tó kù sí i lọ́wọ́ jẹ́ −1. Nítorí náà, bí àmì kan bá ṣe gbóná tó nísinsìnyí ni yóò ṣe tutù tó ní ìfò tó ń bọ̀, gbèsè náà á sì ga sí i ní ìfò kọ̀ọ̀kan. Ooru gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ooru gidi kì í fúnni ju ohun tó ní lọ.

Mo tún un sọ: ohun tí àmì fi pamọ́ kò gbọdọ̀ bọ́ sábẹ́ òdo. Ìyẹn ni pé ìpín kò gbọdọ̀ ju ìdajì lọ. Nípa bẹ́ẹ̀, ìfò tó gùn jù tí a lè ṣe ni àlàfo × àlàfo ÷ 36, ní wákàtí, fún amọ̀ wa yìí. Bí àlàfo bá jẹ́ 6, wákàtí kan ni òpin. Bí àlàfo bá jẹ́ 3, mẹ́sàn-án nínú 36 ni, ìṣẹ́jú 15 péré. A gé àlàfo sí méjì, òpin ìfò gé sí mẹ́rin. Ẹni tó bá gé àlàfo sí méjì tó sì gé ìfò sí méjì pẹ̀lú kò tíì gé e tó. Sí mẹ́rin. Àmì di ìlọ́po méjì, ìfò di ìlọ́po mẹ́rin, iṣẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ. Iye owó tí ìdáhùn tó dán ń béèrè nìyẹn, kò sì sí ẹ̀dínwó.

Bí nǹkan tí ooru ń gbà kọjá bá yí padà, òpin náà á yí padà. Nínú irin, ooru ń tàn ní nǹkan bí ìlọ́po 45 ti amọ̀. Fún àlàfo sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, òpin tó jẹ́ wákàtí kan fún amọ̀ di ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ fún irin.

Bí ẹ ṣe lè dá àìsàn yìí mọ̀ lórí ìwé ni pé iye á máa lọ sókè sódò láti ìfò dé ìfò, àmì tó gbóná á jókòó láàárín méjì tó tutù, iye kan á sì ga ju ojú ìta lọ tàbí kó lọ sílẹ̀ ju ti òwúrọ̀ lọ. Nínú ògiri wa, kò sí ohun tó lè ju 42 lọ, kò sì sí ohun tó lè dín sí 26. Bí ẹ bá rí 58, ẹ dúró. Ẹ má fi 40 rọ́pò rẹ̀ kí ìwé yín lè dára lójú olùkọ́. Ẹni tó bá ń yí iye padà nínú ìwé ìṣirò yóò yí i padà nínú ìwé àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ pẹ̀lú, àwọn ènìyàn á sì kọ́lé lórí irọ́ rẹ̀. Ẹ kọ 58 sílẹ̀, ẹ kọ "ìfò gùn jù" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ pẹ̀lú ìfò kúkúrú.

Richard Courant, Kurt Friedrichs àti Hans Lewy ló kọ ìwé kan ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1928 tó fi hàn kedere pé àlàfo àti ìfò kò lè máa ṣe tẹnu ara wọn, pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ di èkejì mú. Ní 1947, John Crank àti Phyllis Nicolson fi ọ̀nà míì hàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìfò gígùn kì í ti í bú gbàù báyìí, ṣùgbọ́n gbogbo àmì ni a gbọ́dọ̀ wá ìdáhùn wọn pa pọ̀ ní ìfò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ju ìwé wa yìí lọ.

Ẹ má sì jókòó sórí òpin gan-an. Ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú àlàfo 3 kò ní bú, ṣùgbọ́n àmì kò fi ohunkóhun pamọ́ nínú ooru tirẹ̀, iye rẹ̀ á sì máa gun òkè bí àkàbà: ó dúró, ó fò, ó dúró. Bí ẹ bá ṣe é dé wákàtí méjì, 34.125 kan náà lẹ máa bá ní àmì 6, gbogbo àfikún iṣẹ́ yín ò mú nǹkan kan wá.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: ògiri kan náà, àlàfo 3, ìfò ìṣẹ́jú 10. Ìpín yín á jẹ́ ìdá mẹ́ta kan, nítorí náà ẹ kàn ro òsì, ti àmì fúnra rẹ̀ àti ọ̀tún pọ̀, kí ẹ sì pín in sí mẹ́ta. Ní ìfò kìíní, àmì 3 gbọ́dọ̀ jẹ́ 31.3. Ní ìkejì, àmì 3 jẹ́ 33.1, àmì 6 sì jẹ́ 27.8. Ẹ bá a lọ dé ìfò kejìlá, kí ẹ kọ iye àmì 6 sí ẹ̀gbẹ́ 34.125 tí a rí lókè.