Nígbà Tí Fídíò Bá Ń Há Lórí Láptọ́ọ̀pù Tó Gbóná

Oṣù kẹta ni, oòrùn sì ti gba gbogbo òrùlé páànù ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn. Aránṣọ kan gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ rẹ̀ lé orí ìdì aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù. Fídíò tí wọ́n fi ń kọ́ni bí a ṣe ń gé ọrùn aṣọ ló ń wò. Ohùn olùkọ́ ń lọ geere, ṣùgbọ́n àwòrán ń há, ó sì ń fò. Olùkọ́ ti ní kí wọ́n gé e, síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ tó wà nínú àwòrán ṣì ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Tó bá jẹ́ òun ni, fídíò á dúró pátá, àmì róbótó kan á máa yí lójú rẹ̀, ohùn náà á sì dákẹ́. Tí ohùn bá ń lọ tí àwòrán nìkan ń há, láptọ́ọ̀pù gan-an ló yẹ ká fura sí. Kó lè dá a lójú, aránṣọ yìí ṣí fídíò mìíràn ti olùkọ́ kan náà tó ti wà nínú fláàṣì, tí kò lo dátà rárá. Ìyẹn náà há. Ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì parí síbẹ̀.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà, èyí tí ẹ ó rí orúkọ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ bíi CPU, ló ń ṣe gbogbo ìṣirò. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ń gbóná, fáànù ló sì ń fẹ́ ooru náà jáde. Tí ooru bá pọ̀ jù, ọpọlọ yìí á dín eré ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Fídíò sì rèé, àwòrán bí 30 ló sábà máa ń wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tí kò bá tètè múra tán, ẹ̀rọ á fò ó. Iṣẹ́ ohùn kò wúwo tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í tètè dúró.

Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Task Manager á ṣí. Ẹ tẹ orí CPU, kí ètò tó ń jẹun jù lè bọ́ sókè. Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 97%. Chrome ń gba 46%, Antimalware Service Executable ń gba 24%, OneDrive ń gba 9%. VLC tó ń gbé fídíò inú fláàṣì jáde gan-an, 12% péré ló rí gbà, àwọn ètò kéékèèké ló sì pín ìyókù.

Aránṣọ fẹ́ tẹ End task sórí Chrome. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dá a dúró: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ti tọ́jú ìwé owó tí ẹ ń kọ síbẹ̀." Òótọ́ ló sọ. Ojijì ni End task máa ń pa ètò, ohun tí a kò bá sì tíì tọ́jú lè bá a lọ. Ó tọ́jú ìwé náà, ó sì ti Chrome láti ara àmì X. Ó dá OneDrive dúró díẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ Windows ni Antimalware ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó parí àyẹ̀wò rẹ̀. Orúkọ tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ má pa á.

CPU já sí 40%, síbẹ̀ fídíò ṣì ń há díẹ̀. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ̀rètí nù, nígbà tó jẹ́ pé ohun kan ṣì kù láti wò. Ẹ lọ sí Performance, ẹ tẹ CPU, kí ẹ wá wo Speed àti Base speed. Base speed ti aránṣọ yìí jẹ́ 2.40 GHz, ṣùgbọ́n 0.80 GHz ni Speed ń kà lásìkò tí fídíò ń lọ. Ọpọlọ yẹn ṣì ń rìn jẹ́jẹ́ nítorí ooru. Aṣọ tó gbé e lé ti dí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé nísàlẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì pákó, ó sì dúró díẹ̀. Speed gòkè kọjá 2 GHz, ọwọ́ olùkọ́ sì bá ohùn rẹ̀ dọ́gba.

Tí Speed bá kọ̀ tí kò gòkè lẹ́yìn tí ara ẹ̀rọ ti tutù, ẹ wo ṣájà. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan, títí kan Dell, máa ń dín eré kù tí wọn kò bá dá ṣájà mọ̀. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló tún ń yára gbóná, ó ṣeé ṣe kí eruku ti dí fáànù, iṣẹ́ atúnṣe nìyẹn. Tí Speed bá sì dára tí àwòrán ṣì ń fò lórí YouTube, ẹ tẹ àmì tó dà bí eyín kẹ̀kẹ́, ẹ yan Quality, kí ẹ mú 480p. Àwòrán kò ní mọ́ tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ibi tí síṣọ́ọ̀sì gbà.